Iṣẹ́ títa sólà, kò sí owó oṣù, kọmíṣọ̀n nìkan: ẹ bá mi yẹ ìwé àdéhùn yìí wò

Ọmọ Mọníyà kọ ọ́ pé:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Ilé iṣẹ́ kan tó ń ta ínfátà àti sólà nílùú Ìbàdàn ti fún mi ní ìwé iṣẹ́. Kò sí owó oṣù, kò sí owó ọkọ̀, kọmíṣọ̀n nìkan ni. Wọ́n ní 4% ni n ó máa gbà bí ohun tí mo bá tà lóṣù bá tó 15 mílíọ̀nù náírà; bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, 2% ni. Agbègbè mi ni “Ìbàdàn àti àyíká rẹ̀.” Ọjọ́ 45 lẹ́yìn tí oníbàárà bá san gbogbo owó rẹ̀ tán ni wọ́n á tó san tèmi. Ẹ̀rọ tó ń tà jù lọ́dọ̀ wọn jẹ́ 2.5 mílíọ̀nù. Ṣọ́ọ̀bù kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, 110,000 náírà ni wọ́n ń san fún mi lóṣù. Máníjà wọn sọ pé ẹni tó tà jù lóṣù tó kọjá gba 1.1 mílíọ̀nù lọ sílé. Ṣé kí n lọ?

Ẹ̀gbọ́n Dùgbẹ̀ dáhùn pé:

Àbúrò mi, mo kí ọ. Láti ọdún 2007 ni mo ti ń bá àwọn èèyàn ta ọjà olówó gọbọi. Jẹnẹrétọ̀ ni mo fi bẹ̀rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sì ti gba irú iṣẹ́ aláìlówó-oṣù yìí rí. Èkíní jẹ mí ní gbèsè títí di òní, èkejì ni mo fi kọ́ ilé tí mò ń gbé. Nítorí náà n kò ní sọ pé kí o sá fún un nítorí pé kò sí owó oṣù níbẹ̀. Táàgẹ́ẹ̀tì 15 mílíọ̀nù yẹn ni kí a kọ́kọ́ dì mú.

Bí a bá fi 2.5 mílíọ̀nù pín 15 mílíọ̀nù, ẹ̀rọ mẹ́fà lóṣù ni. Ó dùn ún sọ lẹ́nu. Ṣùgbọ́n èèyàn kì í na mílíọ̀nù méjì ààbọ̀ bí ẹni ra búrẹ́dì. Nínú ìrírí tèmi, nínú ẹni mẹ́jọ sí mẹ́wàá tí mo bá dé ilé wọn, tí mo ka gílóòbù wọn, fíríìjì wọn, àti pọ́ọ̀ǹpù omi wọn, tí mo sì kọ iye owó sílẹ̀ fún, ẹnì kan ṣoṣo ló máa ń rà. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìdí iṣẹ́ kò tilẹ̀ lè rí tó bẹ́ẹ̀. Kí o tó ta mẹ́fà, o ní láti dé nǹkan bí àádọ́ta ilé. Láti Mọníyà lọ sí Challenge, pẹ̀lú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ilé méjì lóòjọ́ ni agbára rẹ gbé, ọjọ́ 22 ló sì wà fún iṣẹ́ lóṣù: ilé 44 nìyẹn, bí o kò bá ní ọjọ́ kankan tí o fi wá àwọn oníbàárà tuntun, tí o fi lépa àwọn tó ní “ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀,” tàbí tí òjò fi dá ọ dúró sílé. Ẹ̀rọ mẹ́ta ni èmi yóò fi ojú sí fún ẹni tuntun, lẹ́yìn oṣù kejì tàbí ìkẹta.

Ẹ̀rọ mẹ́ta jẹ́ 7.5 mílíọ̀nù. Níwọ̀n ìgbà tí kò tó táàgẹ́ẹ̀tì, 2% ni, èyí sì jẹ́ 150,000. Bí o bá ń na 3,000 lórí ọkọ̀ lóòjọ́, 66,000 ti lọ níbẹ̀. 84,000 ló kù fún ọ, èyí kò tó ohun tí o ń gbà ní ṣọ́ọ̀bù tí o jókòó sí. Ní èdè mìíràn, iṣẹ́ 2% ni wọ́n fún ọ. 4% yẹn, bíi ẹran orí ìgànná ló rí lójú ajá.

Má bi máníjà léèrè ẹni tó tà jù. Ohun tó yẹ kí o bi í ni pé àwọn olùtajà mélòó ló wà níbẹ̀, ẹni mélòó nínú wọn ló sì dé 15 mílíọ̀nù nínú oṣù mẹ́fà tó kọjá, kí ó kà á fún ọ lóṣooṣù. Kí o tún bi í pé nínú àwọn tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún tó kọjá, mélòó ló ṣì wà. Bí ó bá ń fi ẹ̀rín dáhùn, o ti gbọ́ ìdáhùn.

Ọmọ Ẹ̀gbá Pékámù dáhùn pé:

Ẹ kú àárọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù. Ohun tó ń yà mí lẹ́nu ni pé ẹ ń ṣe ìṣirò lórí ohun tí kò bófin mu. Níhìn-ín, bí òṣìṣẹ́ bá tilẹ̀ ń gba kọmíṣọ̀n nìkan, ilé iṣẹ́ gbọ́dọ̀ rí i pé owó tó wọlé fún un kò dín ní owó tó kéré jù tí ìjọba là kalẹ̀ fún wákàtí kọ̀ọ̀kan. Nàìjíríà náà ní owó oṣù tó kéré jù, 70,000 ni láti 2024. Àbúrò, sọ fún wọn pé kí wọ́n kọ́kọ́ fi 70,000 sílẹ̀ ná, kí kọmíṣọ̀n wá dé orí rẹ̀. Bí wọ́n bá kọ̀, fi ẹjọ́ sùn.

Agbẹjọ́rò Òkè-Àdó dáhùn pé:

Ọmọ Ẹ̀gbá, òótọ́ ni ohun tí ẹ sọ nípa ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ẹni tí òfin kà sí òṣìṣẹ́, 70,000 náà sì rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin tiwa fo irú ọ̀gbẹ́ni yìí dá. Nínú Òfin Owó Oṣù Tó Kéré Jù ti ọdún 2019, ìpín kẹrin yọ àwọn ibi iṣẹ́ tí wọ́n ti ń san kọmíṣọ̀n fún òṣìṣẹ́ sílẹ̀ kedere, bó ṣe yọ ibi tí òṣìṣẹ́ kò ti tó 25 sílẹ̀. Àtúnṣe ọdún 2024 tó sọ ọ́ di 70,000 kò mú wọn padà wọlé. Òfin Iṣẹ́ àtijọ́ náà, ní ìpín 91 níbi tó ti túmọ̀ ẹni tí à ń pè ní òṣìṣẹ́, yọ àwọn aṣojú, àwọn àjẹ́ńtì, àti àwọn olùtajà arìnrìn-àjò tí iṣẹ́ wọn wà lẹ́yìn ògiri ilé iṣẹ́.

Ohun tí èyí túmọ̀ sí ni pé púpọ̀ nínú ààbò tí akọ̀wé inú ọ́fíìsì ní, olùtajà tó ń rìn kiri kò ní in. Ìwé àdéhùn yẹn gan-an ni òfin rẹ. Bí ó bá ti wà níbẹ̀ ni ó wà; bí kò bá sí níbẹ̀, ẹnu máníjà ni, ẹnu kì í sì í jẹ́rìí nílé ẹjọ́ bí ìwé.

Ìyá Onílẹ̀ Àjáh dáhùn pé:

Ẹ̀yin èèyàn mi, 4% kè? Ilẹ̀ ni mò ń tà ní ìhà Ìbejú-Lẹ́kí, 10% ni mo ń gbà, ibòmíràn ń fún wa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá fún mi ní 4%, n kò ní dìde lórí àga. Àbúrò, fi sólà sílẹ̀, máa bọ̀ nídìí ilẹ̀. Pílọ́ọ̀tì kan péré tí o bá tà, o ti jẹ oṣù mẹ́ta.

Ẹ̀gbọ́n Dùgbẹ̀ dáhùn pé:

Ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́. Mo gbà pé 10% ju 4% lọ nínú ìwé ìṣirò, ṣùgbọ́n ìdá lásán kò sọ nǹkan kan. Ẹni tó bá ra ilẹ̀ lọ́dọ̀ yín lè fi ọdún méjì san án. Pílọ́ọ̀tì mélòó lẹ sì ń tà lọ́dún? Ẹ dá wa lóhùn tòótọ́tòótọ́. Èyí tí mo gbà lẹ́nu yín ni pé kí ó bèèrè ohun tí wọ́n ń ka ìdá náà lé lórí: ṣé gbogbo iye tí oníbàárà san ni, àbí iye ẹ̀rọ nìkan láìka owó iṣẹ́ àwọn tó ń gbé e kọ́?

Ohun mìíràn wà nínú 2% àti 4% yẹn tí mo fẹ́ kí Ọmọ Mọníyà fi ojú ara rẹ̀ rí. Bí o bá ta márùn-ún, 12.5 mílíọ̀nù ni, 250,000 ni tìrẹ. Bí o bá ta mẹ́fà, 15 mílíọ̀nù pé, 600,000 ni tìrẹ. Ẹ̀rọ kẹfà yẹn nìkan jẹ́ 350,000 fún ọ. Ó dára, àbí? Wàyí o, ká ní o ta mẹ́fà, ṣùgbọ́n oníbàárà kọ̀ọ̀kan bẹ̀ ọ́, o sì yọ 50,000 fún un, bí gbogbo wa ṣe máa ń ṣe. Mẹ́fà di 14.7 mílíọ̀nù. Ìwọ padà sí 2%, 294,000 ni. Ẹ̀dínwó tí kò ju 300,000 lọ ló gba 306,000 lọ́wọ́ rẹ, ilé iṣẹ́ kò sì pàdánù kọ́bọ̀ nínú ẹ̀dínwó náà, ìwọ lo san án.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọjọ́. Ìgbà wo ni wọ́n kà sí pé o ti tà á? Ṣé ọjọ́ tí oníbàárà buwọ́ lu ìwé ni, ọjọ́ tó san àsansílẹ̀ ni, àbí ọjọ́ tí wọ́n gbé ẹ̀rọ kọ́ sílé rẹ̀? Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ tí wọ́n gbé e kọ́, kọ́ńténà tó há sí Àpápá lè gbé ẹ̀rọ kẹfà rẹ lọ sí oṣù tó ń bọ̀, oṣù yìí á sì ṣubú sí 2%. Èmi kò sọ pé ẹnikẹ́ni máa mọ̀-ọ́n-mọ̀ ṣe é. Mo kàn mọ̀ pé nílé iṣẹ́ tí mo kọ́kọ́ wà, àwọn tó ń gbé ẹ̀rọ kọ́ máa ń ríṣẹ́ ṣe jù ní ọjọ́ kìíní oṣù.

Adé Tòótọ́ dáhùn pé:

Ẹ̀yin ará, ẹ ṣọ́ra o. Gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n bá ní kí ẹ san owó ìforúkọsílẹ̀, kí ẹ sì mú ẹni méjì wá, jìbìtì ni. Wọ́n gba 45,000 lọ́wọ́ àbúrò mi obìnrin lọ́dún tó kọjá, títí di òní a kò rí wọn. Má san kọ́bọ̀ kan.

Ọmọ Mọníyà dáhùn pé:

Ẹ ṣeun gan-an. Ẹ̀gbọ́n Adé, wọn kò béèrè owó kankan lọ́wọ́ mi, wọn kò sì ní kí n mú ẹnikẹ́ni wá. Mo bá àbúrò yín kẹ́dùn.

Nígbà tí mo tún ìwé náà kà lálẹ́ àná, mo rí ohun mẹ́ta tí n kò kọ síbí. Èkíní, oníbàárà lè san 40% sílẹ̀, kí ó san èyí tó kù fún oṣù mẹ́rin. Èkejì, oníbàárà tó bá fúnra rẹ̀ wá sí ọ́fíìsì wọn ní Ring Road, tàbí tó pè wọ́n lórí fóònù, ti ọ́fíìsì ni, kì í ṣe ti olùtajà kankan. Ẹ̀kẹta, bí mo bá fi iṣẹ́ sílẹ̀, kọmíṣọ̀n tí wọn kò bá tíì san ti bọ́. N kò mọ̀ bóyá gbogbo ilé iṣẹ́ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Oníwáyà Akóbọ̀ dáhùn pé:

Èmi kì í ta ọjà, èmi ni mo máa ń gun òrùlé. Mo ti bá ilé iṣẹ́ bíi mẹ́rin gbé páńẹ́ẹ̀lì kọ́ káàkiri Ìbàdàn, nítorí náà ọ̀rọ̀ agbègbè ni n ó sọ.

“Ìbàdàn àti àyíká rẹ̀” kì í ṣe agbègbè, gbogbo ayé ni. Bí ẹ bá jẹ́ mẹ́wàá tí wọ́n fún ní gbogbo ayé, ìwọ á lọ sílé Bàbá kan ní Olúyọ̀lé lọ́jọ́ Ajé, ẹlòmíràn láti ọ́fíìsì kan náà á dé ibẹ̀ lọ́jọ́rú, á sì bu 100,000 kúrò nínú iye tí o kọ. Mo rí i pẹ̀lú ojú mi. Àwọn méjèèjì wọ aṣọ ilé iṣẹ́ kan náà, ìyàwó Bàbá ń rẹ́rìn-ín.

Àwọn tuntun máa ń rò pé ibi tí iná kò ti sí ni ọjà wà. Kò rí bẹ́ẹ̀ tán. Ibi tí iná kò ti sí rárá, tí àwọn èèyàn ibẹ̀ ń gbé yàrá kan, wọn kò ní 2.5 mílíọ̀nù. Àwọn òpópónà àtijọ́ ní Bódìjà, owó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ilé ló ti ní ínfátà láti ọjọ́ pípẹ́. Bátìrì ni wọ́n fẹ́ pààrọ̀, bátìrì nìkan kò sì lè gbé ọ dé 15 mílíọ̀nù. Àwọn tó wà ní Báńdì A tilẹ̀ yàtọ̀: wọ́n ṣèlérí iná ogún wákàtí fún wọn, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti gbé owó iná wọn sókè sí 225 náírà fún yúníìtì kan ní oṣù kẹrin ọdún 2024, àwọn kan ń fẹ́ sólà nítorí owó iná, kì í ṣe nítorí òkùnkùn. Ọ̀rọ̀ tí ẹ máa bá wọn sọ yàtọ̀.

Ibi tí mo ti máa ń rí iṣẹ́ jù ni àwọn ilé tuntun lẹ́yìn Akóbọ̀ títí dé ìhà Olódó, tí onílé ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wọ̀, tí ẹ̀rọ ìyípadà iná àdúgbò kò lè gbé gbogbo wọn. Ilé kan bá ṣe é, aládùúgbò á wá wo ó. Bí mo bá jẹ́ ìwọ, ibẹ̀ ni n ó ní kí wọ́n kọ sí orúkọ mi, kí wọ́n sì kọ ọ́ pé ẹni tó bá ti ibẹ̀ pe ọ́fíìsì, tèmi ni.

Ẹ̀gbọ́n Dùgbẹ̀ dáhùn pé:

Oníwáyà, ẹ ṣeun, ọ̀rọ̀ àdúgbò yín jinlẹ̀ ju tèmi lọ. Mo fi ìkan kún un: kí wọ́n kọ ọ́ pé oníbàárà tí o bá ti fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní ọ́fíìsì jẹ́ tìrẹ fún 60 ọjọ́, kódà bí ó bá padà wá fúnra rẹ̀. Ẹ̀rọ tó tó yìí, èèyàn máa ń ronú lé e lórí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tàbí mẹ́fà. Ìwọ á rìn títí, á wá wọ ọ́fíìsì wọn ní Ring Road lọ́jọ́ tí owó rẹ̀ pé, “ti ọ́fíìsì” á sì gbà á lọ́wọ́ rẹ.

Ní ti owó sísan, ẹ jẹ́ kí n mú ẹ̀rọ kan ṣoṣo, kí a tẹ̀ lé e. Ká ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì lo bẹ̀rẹ̀. O rìn, o rìn, o ta èyí àkọ́kọ́ ní ọjọ́ 10 oṣù kẹta. Oníbàárà san 40%, mílíọ̀nù kan géérégé. 1.5 mílíọ̀nù tó kù, ó ń san 375,000 lóṣooṣù, ní ọjọ́ 10 oṣù kẹrin, ìkarùn-ún, ìkẹfà àti ìkeje, láìpẹ́ rí (ẹ jọ̀ọ́, ẹni tí kì í pẹ́ san gbèsè ní Ìbàdàn yìí, ẹ fi hàn mí). Ọjọ́ 10 oṣù keje ló san tán. Ka ọjọ́ 45: ọjọ́ 24 oṣù kẹjọ. Bí ó bá jẹ́ ìparí oṣù ni wọ́n ń san owó, ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ni. Oṣù méje gbáko lo ti ṣiṣẹ́, o ti na 462,000 lórí ọkọ̀, èyí tó sì wọlé láti orí ẹ̀rọ yẹn, ní 2%, ni 50,000.

Ẹni tó bá san án lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní ọjọ́ 10 oṣù kẹta, ìparí oṣù kẹrin lo máa gba tirẹ̀. Ìyẹn ṣì ṣeé fara dà. Nítorí náà bi wọ́n pé nínú ẹ̀rọ mẹ́wàá, mélòó ni wọ́n ń tà láwìn.

Ohun tí mo bèèrè fún níbi iṣẹ́ kejì, tí wọ́n sì gbà, ni pé kí kọmíṣọ̀n máa bá owó wọlé. Mílíọ̀nù kan wọlé lóṣù kẹta, 20,000 ni tìrẹ níparí oṣù náà. 375,000 wọlé, 7,500 ni tìrẹ. Ó ṣì jẹ́ 50,000 bákan náà, ilé iṣẹ́ kò sì yá ọ ní nǹkan kan, torí pé owó oníbàárà ti wà lọ́wọ́ wọn. Ilé iṣẹ́ tó bá kọ irú èyí, ìwọ gan-an ló fẹ́ fi ṣe báńkì.

Ìyá Onílẹ̀ Àjáh dáhùn pé:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ bi mí léèrè pílọ́ọ̀tì mélòó, mo sì dákẹ́ láti àárọ̀. Mẹ́rin ni lọ́dún tó kọjá. Nínú mẹ́rin, ẹnì kan ní òun kò ṣe mọ́ lẹ́yìn oṣù márùn-ún, wọ́n dá owó rẹ̀ padà, wọ́n sì yọ kọmíṣọ̀n tí mo ti gbà, tí mo ti fi san owó ilé ìwé ọmọ, kúrò nínú ti ẹlòmíràn. N kò mọ̀ pé ó wà nínú ìwé. Ó wà níbẹ̀, ní ojú ewé kẹta, lẹ́tà rẹ̀ kéré bí èèrà.

Àbúrò, wo ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé àwọn lè gba owó padà. Kò burú bí ẹ̀rọ bá padà. Ṣùgbọ́n títí di ọjọ́ wo? Àti pé bí ó bá jẹ́ ẹ̀rọ náà ló bàjẹ́, kí ló kàn ọ́?

Ilé iṣẹ́ tí mo bá ṣe kí n tó dé ibi tí mo wà yìí jẹ mí ní 380,000. Ilé ẹjọ́ ẹ̀sùn owó kékeré ti Èkó ni mo gbé wọn lọ, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2018, tó ń gbọ́ ẹjọ́ gbèsè tí kò ju 5 mílíọ̀nù lọ. Rìsíìtì àwọn oníbàárà àti ọ̀rọ̀ Wásáàpù máníjà ni mo fi jà. Mo rí owó mi gbà.

Agbẹjọ́rò Òkè-Àdó dáhùn pé:

Ìyá wa ti sọ ohun tó yẹ nípa ẹ̀rí. Ní ti “bí mo bá fi iṣẹ́ sílẹ̀, kọmíṣọ̀n ti bọ́,” n kò ní fi ọwọ́ sọ̀yà. Ilé ẹjọ́ wa sábà máa ń di àwọn èèyàn mú sí ohun tí wọ́n buwọ́ lù. Síbẹ̀, agbẹjọ́rò kan lè dìde kí ó sọ pé kọmíṣọ̀n lórí ọjà tí a ti tà, tí owó rẹ̀ sì ti wọlé kí ẹni náà tó lọ, gbèsè ni, kì í ṣe ẹ̀bùn. Ó lè borí, ó sì lè má borí. Kí o má baà dé ibẹ̀, bèèrè pé kí wọ́n kọ ọ́ báyìí: “Olùtajà yóò gba kọmíṣọ̀n lórí gbogbo owó tó bá wọlé láàárín 90 ọjọ́ lẹ́yìn tó bá fi iṣẹ́ sílẹ̀, fún ọjà tí ó ti tà kí ó tó lọ.” Ní ti gbígba padà, 30 ọjọ́ tó, kí ó sì má kan ẹ̀rọ tó bàjẹ́ nítorí àléébù ilé iṣẹ́.

Ọmọ Mọníyà dáhùn pé:

Mo padà sọ́dọ̀ máníjà lánàá. Olùtajà mẹ́sàn-án ni wọ́n. Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó ka oṣù mẹ́fà fún mi, ó ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀, kò fi pamọ́. Nínú oṣù mẹ́fà fún ẹni mẹ́sàn-án, ẹ̀ẹ̀márùn-ún péré ni ẹnikẹ́ni dé 15 mílíọ̀nù, ẹnì kan náà ló sì dé e ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin. Òun ni ẹni 1.1 mílíọ̀nù yẹn. Mo bi í pé ibo lẹni náà ti ń tà. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní òun ló máa ń gbé fóònù ọ́fíìsì.

Ó gbà kí kọmíṣọ̀n máa bá owó wọlé. Ó gbà láti fún mi ní Akóbọ̀ àti Olódó, àti ẹni tó bá ti ibẹ̀ pè. 60 ọjọ́ tún wà fún orúkọ oníbàárà tí mo bá fi sílẹ̀. Kò gbà kí ó yọ 2% àti 4% yẹn kúrò, ṣùgbọ́n ó ní òun á sọ táàgẹ́ẹ̀tì di 10 mílíọ̀nù fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. Ọ̀rọ̀ fífi iṣẹ́ sílẹ̀, ó ní ọ̀gá àgbà kò ní gbà ju 60 ọjọ́ lọ.

Oníwáyà Akóbọ̀ dáhùn pé:

10 mílíọ̀nù jẹ́ mẹ́rin. Mẹ́rin ní Akóbọ̀ àti Olódó, ó ṣeé ṣe, pàápàá kí òjò tó dé. 4% lórí mẹ́rin jẹ́ 400,000. Lọ gbà á.

Ẹ̀gbọ́n Dùgbẹ̀ dáhùn pé:

Oníwáyà, ẹ ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n ti mọ̀ ládùúgbò. Ọmọ yìí kò ì mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀, oṣù mẹ́ta tí wọ́n fún un sì ni oṣù mẹ́ta tí yóò tà díẹ̀ jù. Ìgbà tó bá ti mọ ilẹ̀ tán ni táàgẹ́ẹ̀tì á padà gòkè sí 15. N kò bá yín jiyàn lórí Akóbọ̀. Lórí oṣù mẹ́ta ni. Mo ṣì ń bèèrè 3% kan ṣoṣo láìsí táàgẹ́ẹ̀tì: mẹ́ta lóṣù yóò jẹ́ 225,000, bí o bá yọ owó ọkọ̀, 159,000. Ìyẹn ni mo lè fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún. Àbúrò, elòó lo ní nípamọ́? Bí oúnjẹ àti owó ọkọ̀ oṣù mẹ́rin kò bá sí nílẹ̀, kò sí ìdá tó máa dá ọ dúró.

Ọmọ Mọníyà dáhùn pé:

Ẹ̀gbọ́n, ti oṣù mẹ́ta ló wà nílẹ̀. Mo bèèrè 3%, wọ́n ní rárá.

Ìwé tuntun dé lónìí. Akóbọ̀ àti Olódó wà níbẹ̀, 60 ọjọ́ wà níbẹ̀, kọmíṣọ̀n tó ń bá owó wọlé wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n ti kọ ọjọ́ tí ọjà di títà, ohun tí mo rí ni “ọjọ́ tí a bá gbé ẹ̀rọ kọ́ tán nílé oníbàárà.” Mo fi báírò pupa yí i ká, mo kọ “ọjọ́ tí àsansílẹ̀ bá wọlé” sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo sì dá ìwé padà láìbuwọ́ lù ú. N kò tíì sọ nǹkan kan fún ọ̀gá mi ní ṣọ́ọ̀bù.